Nígbà tí "bẹ́ẹ̀ ni" kì í ṣe ìyọ̀ǹda: ọ̀rọ̀ tó yẹ ká sọ kí wọ́n tó fi iná tọ́jú ọpọlọ

Ọ̀rọ̀ òní ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí mi. Ó kọ́ mi ní nǹkan tí mi ò rí kọ́ nínú kíláàsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ara èèyàn ni mò ń kà fún oyè kejì ní Àkúrẹ́. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Àǹtí mi kan, àbúrò bàbá mi, ń ta gàrí ní ọjà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ní ojú ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀. Ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́. Kò sí awakọ̀ tó ń dúró ra gàrí lọ́wọ́ ẹ̀ tí kò mọ orúkọ ẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, ẹnu yẹn dákẹ́. Kò lọ sọ́jà mọ́. Kò jẹun, kò sì sùn. Nígbà tó bá sọ̀rọ̀, nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń sọ: pé òun ti jẹ owó àjọ àwọn obìnrin ọjà, pé ìyà ń bọ̀. A ka ìwé àjọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kọ́bọ̀ kan ò dín. A fi hàn án, ó mi orí, ó ní àwa la ò mọ̀.

Ìrẹ̀wẹ̀sì líle ni àwọn oníṣègùn ń pe irú èyí, èyí tí èrò tí kì í ṣe òótọ́ ti wọ inú ẹ̀. Nígbà tí omi pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro fún un láti mu, ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ sọ pé ìtọ́jú oníná ló kù, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní Í-Sí-Tí. Nọ́ọ̀sì kan mú fọ́ọ̀mù wá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ìlà mẹ́rin péré. Ó bá Àǹtí sọ ọ́ ní Yorùbá: "Mà, wọ́n máa fi iná mànàmáná díẹ̀ sí orí yín, kí ara yín lè yá. Ṣé ó yé yín?"

Àǹtí ní, "Ó yé mi. Ẹ ṣe é. Ó tọ́ sí mi." Ó tẹ̀ka. Gbogbo wa mí kanlẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni èmi àti ẹ̀ jọ jókòó. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ó máa ń pẹ́ kí èèyàn tó jóná tán?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kò sí ìyọ̀ǹda kankan nínú ìka tó tẹ̀. Lójú tiẹ̀, ìjìyà ló gbà, kì í ṣe ìtọ́jú.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ìtọ́jú yìí jẹ́, torí a ò lè sọ bí a ṣe máa ṣàlàyé nǹkan tí a ò mọ̀.

Ní Róòmù, ní oṣù kẹrin ọdún 1938, ni Ugo Cerletti àti Lucio Bini kọ́kọ́ lò ó fún èèyàn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é dáadáa lónìí nìyí. Aláìsàn á gbààwẹ̀ mọ́jú. Wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ oorun, á sùn. Wọ́n á fún un ní oògùn tó ń dẹ iṣan ara, kí ara má bàa jà. Wọ́n á máa fún un ní atẹ́gùn ọ́síjìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ méjì kan orí ẹ̀, tí iná á gba ibẹ̀ kọjá fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kì í sábà ju 8 lọ. Iná yẹn á mú kí ọpọlọ gìrì, bíi ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí 60. Gìrì yẹn gan-an ló ń ṣe ìtọ́jú náà. Iná kàn ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, aláìsàn á jí. Wọ́n sábà máa ń ṣe é ní ẹ̀ẹ̀méjì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, títí tó fi máa pé ìgbà 6 sí 12.

Ó ń ṣiṣẹ́ o. Nínú èèyàn 10 tí ìrẹ̀wẹ̀sì líle ń bá jà, bíi 6 sí 8 ni ara wọn máa ń yá dáadáa, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ jù fún irú èyí tó mú Àǹtí. Nítorí náà kì í ṣe ìtọ́jú ni mò ń bá jà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ń já èèyàn kulẹ̀

Ẹ wo gbólóhùn nọ́ọ̀sì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí kò ní irọ́ nínú lè gbé irọ́ sí ọkàn ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Àkọ́kọ́ ni "iná". Iná tó ń jó igi, iná tó ń tàn nínú gílóòbù, iná tí Nẹ́pà ń mú lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwa ọmọ ìsinsìnyí mọ èyí tí wọ́n ń sọ. Ẹni tó ti ń retí ìyà, iná ajónirun ló máa gbọ́. "Iná orí" tiẹ̀ tún wà, kòkòrò inú irun nìyẹn. Tí nọ́ọ̀sì bá wá fi "mànàmáná" kún un kó lè ṣe kedere, ó tún bà á jẹ́ sí i. Mànàmáná ni èyí tó ń kọ lójú ọ̀run nígbà òjò. Gbogbo wa la sì mọ ẹni tí àwọn àgbà máa ń sọ pé ó ń fi ìyẹn wá olè àti òpùrọ́ kiri. Obìnrin tó gbà pé òun jẹ owó àjọ, tí ẹ wá sọ fún pé ẹ fẹ́ fi mànàmáná kàn án lórí! Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Èkejì ni "orí". Fún dókítà, apá kan nínú ara ni. Fún wa, orí ni a fi wáyé, orí la ń bẹ̀. Ó sàn kéèyàn pe "ọpọlọ" nígbà tó bá jẹ́ pé ọpọlọ ló ní lọ́kàn, kó wá pe "iwájú orí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí" nígbà tó bá ń sọ ibi tí irin máa kàn.

Ẹ̀kẹta ni gìrì yẹn. Àwọn kan máa ń fò ó, wọ́n á kàn ní "wọ́n máa ṣiṣẹ́ díẹ̀ lára ọpọlọ yín." Ìyẹn ò dáa, torí ohun tó jẹ́ gbòǹgbò ìtọ́jú náà ni wọ́n fi pamọ́. Àwọn mìíràn á ní "ẹ máa ní wárápá díẹ̀." Ìyẹn náà ò tọ́. Àìsàn tó ń padà wá fúnra ẹ̀ ni wárápá, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ṣì ń sá fún ẹni tó ní in. Gìrì ìtọ́jú yìí, wọ́n fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, nígbà tí aláìsàn ti sùn, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wò ó títí tó fi dáwọ́ dúró. Ohun tó tọ́ ni kéèyàn sọ pé gìrì ni, kó sì sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bó ṣe yàtọ̀ sí wárápá.

Ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kéré. Ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin àti ìṣègùn kà jù nínú ayé, orí ìtọ́jú oníná ló ti wá.

Ní ọdún 1954, wọ́n gba ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Bolam sí ilé ìwòsàn Friern ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n fún un ní ìtọ́jú oníná. Wọn ò fún un ní oògùn tó ń dẹ iṣan, wọn ò sì dì í mú dáadáa. Ara ẹ̀ jà, ihò eegun ìbàdí ẹ̀ sì fọ́ ní apá méjèèjì. Kò sí ẹni tó ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé eegun lè ṣẹ́.

Ó pe ilé ìwòsàn lẹ́jọ́. Ní ọdún 1957 ó pàdánù. Adájọ́ McNair ṣàlàyé pé tí dókítà bá ti ṣe ohun tí àwọn dókítà mìíràn tó mọṣẹ́ gbà pé ó dáa, kò jẹ̀bi. Nígbà náà, àwọn dókítà kan gbà pé kò dáa kéèyàn máa ka ewu kékeré sí etí aláìsàn ọpọlọ, pé ó lè dẹ́rù bà á. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ohun tí dókítà bá rò pé ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni ẹ máa mọ̀.

Ó gba àkókò gígùn kí èrò yẹn tó yí padà. Ní ọdún 2015, nínú ẹjọ́ Montgomery, tó jẹ́ ti obìnrin aboyún kan ní Sìkótíláǹdì, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ìlú Ọba sọ pé ìbéèrè náà yàtọ̀: kí ni ẹni tó wà ní ipò aláìsàn yìí máa fẹ́ mọ̀? Èyí ni kí dókítà sọ.

Nílé ńkọ́? Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè wa, ti ọdún 2014, ní abala 23, ní kí wọ́n sọ fún aláìsàn bí àìsàn ẹ̀ ṣe rí, irú ìtọ́jú tó wà, àǹfààní àti ewu ẹ̀, iye tó máa ná an, àti pé ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ó tún ní, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tó yé e, kí wọ́n sì ro bí ìwé tó mọ̀ ṣe pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà ni òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ wá, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023, láti rọ́pò òfin tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀. Nítorí náà, fọ́ọ̀mù oyìnbó onílà mẹ́rin tí wọ́n gbé síwájú obìnrin tó ń ta gàrí ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, kì í ṣe pé kò wuyì nìkan. Kò tó ohun tí òfin bèèrè.

Agbára láti pinnu

Nígbà tí mo sọ ohun tí Àǹtí bi mí fún dókítà tó wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò bínú. Ó dá ìtọ́jú ọjọ́ yẹn dúró, ó ní òun máa bá a sọ̀rọ̀ fúnra òun ní ìrọ̀lẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ó ní irú ìrẹ̀wẹ̀sì yìí sábà máa ń wúwo jù ní àárọ̀, á wá fúyẹ́ díẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan lè pinnu, ìgbà tí ojú ẹ̀ bá mọ́ jù ni kí ẹ bi í.

Ó wá ṣàlàyé nǹkan kan fún mi tí mi ò gbàgbé. Pé èèyàn ní àìsàn ọpọlọ kò túmọ̀ sí pé kò lè pinnu. Ìpinnu kọ̀ọ̀kan la máa ń wò. Ohun mẹ́rin la ń wá. Ṣé ohun tí wọ́n sọ yé e? Ṣé ó lè gbà pé òun gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn? Ṣé ó lè gbé èyí wo, kó gbé ìyẹn wo, kó fi wọ́n wéra? Ṣé ó lè sọ ohun tó yàn, yálà pẹ̀lú ẹnu tàbí pẹ̀lú ọwọ́?

Ẹ fi Àǹtí wò ó. Ó sọ ohun tó yàn, kedere. Ṣùgbọ́n èkejì ò sí rárá, torí kò gbà pé òun ń ṣàìsàn. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ló pe ara ẹ̀. Ẹ̀kẹta náà ò sí, torí kò fi nǹkan kan wé nǹkan kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà nìyí: aláìsàn tó bá kọ̀ nìkan la máa ń yẹ̀ wò bóyá ọpọlọ ẹ̀ pé. Tó bá ti gbà, a ti dúpẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àìsàn bíi "bẹ́ẹ̀ kọ́".

Bí dókítà ṣe tún un sọ

Ní ìrọ̀lẹ́, ó fà àga sún mọ́ ọn, ó jókòó. Kò mú fọ́ọ̀mù dání. Mo kọ ohun tó sọ sílẹ̀ bí mo ṣe lè rántí ẹ̀, mo sì ti tò ó kó lè wúlò fún ẹlòmíì:

"Mà, ẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, a ò sì wá jẹ yín níyà. Àìsàn ló ń ṣe yín, ìrẹ̀wẹ̀sì ni. Òun ló ń sọ fún yín pé ẹ jalè.

"Ìtọ́jú kan wà tí a fẹ́ kí ẹ rò ó wò. A máa gún yín ní abẹ́rẹ́, ẹ máa sùn, ẹ ò ní mọ ohun tó ń lọ. Nígbà tí ẹ bá ń sùn, a máa jẹ́ kí iná díẹ̀ láti inú ẹ̀rọ kan gba iwájú orí yín kọjá, kò ní ju ká ka ení, èjì dé ẹ̀jọ lọ. Kì í ṣe iná tó ń jó igi. Ó máa mú kí ọpọlọ yín gìrì fún bí ìṣẹ́jú kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe wárápá, ẹ ò sì ní kó wárápá níbẹ̀.

"A máa ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó lè tó ìgbà 6 sí 12. Nínú èèyàn 10, bíi 6 sí 8 ni ara wọn ń yá. Tó bá ti yá, ẹ ṣì máa lo oògùn, torí láìsí oògùn ó sábà máa ń padà wá.

"Orí lè fọ́ yín, ara lè ro yín, nǹkan lè dàrú lójú yín fún wákàtí kan tí ẹ bá jí. Ẹ lè gbàgbé àwọn nǹkan kan. Èyí tó pọ̀ máa ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn nǹkan kan lè má padà mọ́ láéláé, pàápàá èyí tó ṣẹlẹ̀ ní àsìkò ìtọ́jú àti kó tó bẹ̀rẹ̀. Ikú ṣọ̀wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n ó wà, bíi ti gbogbo abẹ́rẹ́ oorun.

"Ẹ lè ní ẹ ò fẹ́. A ṣì máa tọ́jú yín, pẹ̀lú oògùn, ṣùgbọ́n ó máa pẹ́ jù, ẹ ò sì jẹun, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Tí ẹ bá gbà lónìí, ẹ lè ní ẹ ò ṣe mọ́ lọ́la."

Ó ń dúró lẹ́yìn ìpín kọ̀ọ̀kan. Kò bèèrè rárá pé "Ṣé ó yé yín?" Mo bi í nídìí lẹ́yìn náà. Ó rẹ́rìn-ín: "Yorùbá wo lo rí tó máa sọ fún dókítà pé kò yé òun?" Ohun tó sọ dípò ẹ̀ ni: "Mà, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. Tí ọmọ yín bá pè yín lórí fóònù, kí lẹ máa sọ fún un pé a fẹ́ ṣe?" Tó bá sọ ọ́ padà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀, ó yé e nìyẹn. Tó bá kù síbì kan, dókítà ló kù síbẹ̀, kó tún un ṣe.

Àǹtí dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Wọ́n á mú mi sùn. Wọ́n á gbọn ọpọlọ mi." Ó tún dákẹ́. "Ṣùgbọ́n owó tí mo jẹ ńkọ́?"

Dókítà ò fi tipátipá mú un. Ó ní, "A máa tún sọ̀rọ̀ lọ́la."

Gbólóhùn tó le jù

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọ̀rọ̀ ìgbàgbé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ti ń yẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ lè gbàgbé nǹkan díẹ̀, ó máa padà" dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́.

Ní ọdún 2003, Diana Rose àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kó ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ lórí ohun tí àwọn tó ti gba ìtọ́jú náà fúnra wọn sọ. Òun náà ti gbà á rí. Wọ́n rí i pé ó kéré tán, ẹnì kan nínú mẹ́ta ní ìrántí òun kan ti lọ tí kò padà. Ìdánwò tí dókítà máa ń ṣe kì í sábà rí i, torí orúkọ àti nọ́ńbà ni wọ́n sábà fi ń dán èèyàn wò. Ta ló ń bi yín léèrè ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ yín?

Wọ́n tún tẹ èkejì jáde ní ọdún 2005, lórí ìyọ̀ǹda gan-an. Bíi ìdajì ní àlàyé tí wọ́n ṣe fún àwọn ò tó. Bíi ìdá mẹ́ta ní kì í ṣe ìfẹ́ inú àwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Ẹ rí i pé Àǹtí mi ò dá wà.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó yẹ kó wà nínú fọ́ọ̀mù ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilé ìwòsàn yẹn gan-an. Àkójọ ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi hàn pé tí wọ́n bá ṣe é ní ìgbà 100,000, bí ìgbà 2 ni ẹ̀mí máa ń bọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí abẹ́rẹ́ oorun, ọ́síjìn àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò wà ni nọ́ńbà yẹn ti wá. Ní orílẹ̀-èdè wa, wọ́n ti máa ń ṣe é láìsí abẹ́rẹ́ oorun láwọn ibì kan tí kò sí oníṣègùn oorun. Àjọ Ìlera Àgbáyé ò fara mọ́ èyí rárá. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe é, "ẹ máa sùn" ti di irọ́, ewu eegun tó bá Bolam sì ti padà wá. Ẹ bèèrè.

Tí agbára láti pinnu ò bá sí ńkọ́?

Ní ọjọ́ kejì, ó ṣì ń bèèrè owó àjọ. Dókítà gbà pé kò tíì lè pinnu. Omi ara ẹ̀ ti ń gbẹ, wọn ò sì lè máa dúró títí. Ó pe dókítà àgbà mìíràn láti wò ó lọ́tọ̀. Ó pe ọkọ ẹ̀ àti ọmọbìnrin ẹ̀. Kò bi wọ́n pé "Kí lẹ̀yin fẹ́?" Ohun tó bi wọ́n ni, "Nígbà tí ara ẹ̀ dá, irú èèyàn wo ni? Tó bá lè sọ̀rọ̀ lónìí, kí ló máa sọ?" Ọmọ ẹ̀ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé: "Á ní ẹ tètè ṣe é, ọjà ń dúró dè mí." Wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.

Dókítà ṣe nǹkan kan lẹ́yìn ìyẹn tí mi ò ro tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó máa ń jókòó tì í, á tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé náà látìbẹ̀rẹ̀, bíi pé wọn ò sọ ọ́ rí. Ní ìgbà kẹrin, Àǹtí dá a dúró láàárín ọ̀rọ̀. Ó ní, "Dókítà, ẹ sọ pé mo lè gbàgbé nǹkan. Ṣé mo máa gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ka owó ni?"

Ìbéèrè yẹn ni àmì. Ó ti gbé ewu náà sí ìgbésí ayé ara ẹ̀, ó ń wò ó bóyá ó tọ́ sí i. Dókítà ní kò dà bí ẹni pé ohun tó ti mọ́ ọn lára láti ọdún pípẹ́ máa lọ, ṣùgbọ́n ó lè gbàgbé àwọn ọjọ́ kan. Àǹtí rò ó. Ó ní òun fẹ́ máa bá a lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe é lọ́jọ́ ọjà. Ìgbà náà ni wọ́n tó gbé fọ́ọ̀mù wá fún òun fúnra ẹ̀, èyí tí wọ́n kọ ní Yorùbá. Ó ní kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ̀ka. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìfọwọ́sí àti ìyọ̀ǹda ni mo rí lọ́jọ́ yẹn.

Ìgbà 8 ni wọ́n ṣe é. Ó ti padà sọ́jà, ó sì ń lo oògùn ẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀ fi fọ́tò ìsọmọlórúkọ kan hàn án, èyí tí wọ́n ṣe ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àìsàn tó le. Àǹtí wà nínú fọ́tò náà, ó gbé ọmọ lọ́wọ́. Ó wò ó pẹ́. Kò rántí ọjọ́ yẹn rárá.

Mo rò pé ó máa bínú. Inú ẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀ lóòótọ́. Ó wá dá fọ́tò náà padà, ó ní, "Wọ́n ti sọ fún mi."